Sàlẹ́ńsà Tí Wọ́n Gé: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ sí Agbára Ọkọ̀, sí Ariwo, àti Ibi Tí Òfin Dúró Sí

Ọdún kejì tí mo ra Kòrólà mi ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ lórí òkè. Bí mo bá ti kúrò ní Dùgbẹ̀ tí mo dojú kọ òkè Mọ́kọ́lá, n óò tẹná, ẹ́ńjìnì yóò ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní yára ju bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀ lọ, àfi bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí nímú tí wọ́n ní kó máa sáré. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó lábẹ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ gbá agolo kan tó wà lára páìpù èéfín, ó sì dìde. Ó ní, “Ọ̀gá, kátálísì yìí ló dí i lọ́fun. Ẹ jẹ́ n yọ ọ́ dànù, ẹ óò rí i bí yóò ṣe máa fò.” Wẹ́dà gé agolo náà kúrò, ó jó páìpù gbọọrọ sí ipò rẹ̀, iṣẹ́ náà kò ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí mo na owó sí mẹkáníìkì, ó ní kí n má ṣe ìyọnu, pé ojú lásán kọ́ ni a fi ń wo ara wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni.

Ọkọ̀ náà sì fò lóòótọ́. Òkè Mọ́kọ́lá di ilẹ̀ tẹ́jú. Ariwo rẹ̀ pọ̀ sí i débi pé aládùúgbò mi kan bi mí bóyá mo ti ra ọkọ̀ eré ìje, ṣùgbọ́n mo ka ìyẹn sí ohun tí agbára ń bá wá. Ní ọjọ́ kẹrin, iná ẹ́ńjìnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì kú mọ́; kí oṣù náà tó parí, mo ṣàkíyèsí pé epo tó máa ń gbé mi fún ọjọ́ márùn-ún kò tó ọjọ́ mẹ́rin mọ́. Èrò tí mo wá ní nígbà náà ni èrò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní títí di òní: pé kátálísì àti sàlẹ́ńsà ń gba agbára lọ́wọ́ ọkọ̀, pé ẹni tó bá yọ wọ́n yóò rí agbára náà gbà, àti pé ariwo àti epo ni owó tí a ó fi san án. Apá kan ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí òótọ́ àti àṣìṣe ti lẹ̀ mọ́ra ni mo sì fẹ́ tú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí èéfín ṣe ń jáde. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ní sìlíńdà, èyí tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Nígbà tí epo bá ti jó tán, fáàfù tó ń dá èéfín sílẹ̀ yóò ṣí, èéfín gbígbóná yóò sì já jáde pẹ̀lú ipá. Kì í ṣàn bí omi ẹ̀rọ tó ń dà láìdáwọ́dúró. Ńṣe ló ń jáde ní ìtú kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wúkọ́ léraléra. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń tú èéfín lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo ẹ́ńjìnì méjì. Bí ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìtú èéfín 6,000 ni yóò wáyé láàárín ìṣẹ́jú náà, ìyẹn 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìtú 100 yìí gan-an ni etí wa ń gbọ́ bí ohùn ọkọ̀, ìlù tí a kò lè ka lílù rẹ̀ mọ́ nítorí pé ó ti yá jù. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìtú yìí lójú ọ̀nà ló ń pinnu agbára, òun náà ló sì ń pinnu ariwo.

Ọ̀nà náà gùn láti ẹ́ńjìnì dé ìdí ọkọ̀. Mánífóòdù ló kọ́kọ́ gba èéfín lẹ́nu sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Kátálísì ló tẹ̀ lé e: agolo irin tí amọ̀ líle wà nínú rẹ̀, tí wọ́n lu ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí afárá oyin, tí wọ́n sì fi àwọn irin olówó iyebíye tẹ́ ara àwọn ihò náà. Nígbà tó bá ti gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 300, irin wọ̀nyí a sọ àwọn afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín di èyí tí kò ṣe ni ní ibi tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn kátálísì, agolo kékeré kan wà láàárín ọkọ̀ tó ń pa irú ohùn kan pàtó, kí a tó dé orí agolo ńlá tó wà nídìí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sàlẹ́ńsà. Bí a bá wá sọ pé ẹnì kan “ṣe sàlẹ́ńsà ọkọ̀ rẹ̀,” ó yẹ ká béèrè apá wo ló fọwọ́ kàn, nítorí pé èyí tó fọwọ́ kàn ni yóò sọ èrè àti àdánù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń da àwọn ènìyàn rú jù ni ìtìpadà. Ìtìpadà ni ipá tí èéfín tó ti wà nínú páìpù fi ń kọ̀ fún èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọ̀nà bá há tàbí tó dí, písítìnì yóò ní láti fi agbára ti èéfín jáde, agbára tí ì bá fi yí táyà. Èéfín díẹ̀ yóò tún ṣẹ́ kù sínú sìlíńdà, yóò sì gba àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ tútù gbà. Ìtìpadà kò wúlò fún ẹ́ńjìnì rárá. Síbẹ̀, ẹ óò gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì pé “ẹ́ńjìnì nílò ìtìpadà díẹ̀,” wọn kì í sì purọ́ nípa ohun tí wọ́n rí. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tó fi páìpù fífẹ̀ gbàgì rọ́pò ti ilé iṣẹ́, ọkọ̀ rẹ̀ kò fà mọ́ nígbà tó bá ń kúrò lójú kan. Ìdí tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà. Ohun tí páìpù fífẹ̀ náà gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì kì í ṣe ìtìpadà. Eré èéfín ló gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Kòrólà mi ṣírò rẹ̀. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, ó sì ń fa ìdajì ìyẹn, ìyẹn lítà 0.9, sínú nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tẹná mọ́ ọn débi tó fi ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ tó lè gbà kò lè ju nǹkan bí lítà 90 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n iná ti sọ afẹ́fẹ́ yìí di èéfín gbígbóná, ohun tó bá sì gbóná a máa wú. Nígbà tó bá fi wọ páìpù, ó ti tó ìlọ́po mẹ́ta, lítà 270. Bí inú páìpù náà bá fẹ̀ tó mílímítà 48, tó jẹ́ bí íǹṣì 2 lóde, èéfín gbọ́dọ̀ sáré nǹkan bí mítà 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó lè kọjá. Bí a bá fi páìpù íǹṣì 3 rọ́pò rẹ̀, eré náà a wálẹ̀ sí nǹkan bí mítà 65. Ní ìyípo 2,000, níbi tí a ti máa ń wakọ̀ nínú ìlú, eré inú páìpù kékeré jẹ́ mítà 50, ti páìpù ńlá kò sì ju 22 lọ.

Ìtú èéfín tó ń sáré ń fa ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ àjàgbé tó kọjá lọ́nà márosẹ̀ ṣe ń fa ọ̀rá àti ewé tẹ̀ lé ara rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìtú kọ̀ọ̀kan ń rán ìgbì kan síwájú nínú páìpù. Nígbà tí ìgbì náà bá dé ibi tí páìpù ti fẹ̀ lójijì tàbí ibi tó ti parí, apá kan rẹ̀ a padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kì í padà bí ipá tó ń tì mọ́, ó ń padà bí ipá tó ń fà. Àkókò kékeré kan wà nínú iṣẹ́ ẹ́ńjìnì tí fáàfù èéfín kò tíì pa dé, tí fáàfù afẹ́fẹ́ sì ti ń ṣí. Bí ìgbì tó ń fà náà bá dé ẹnu sìlíńdà ní àkókò yẹn gan-an, yóò fa èéfín tó ṣẹ́ kù jáde, yóò sì bá a fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Gígùn àwọn apá mánífóòdù ló ń pinnu iye ìyípo tí ìpàdé yìí yóò ti bọ́ sí i. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ eré ìje mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe mánífóòdù wọn ní apá gígùn tó dọ́gba, tó ń lọ́ bí ejò. Wọ́n ń yan ibi tí agbára yóò ti jáde. Ẹni tó bá fi páìpù ńlá sí ọkọ̀ ilé lásán ti fi agbára ìyípo 2,000, tó ń lò lójoojúmọ́, ṣe pàṣípààrọ̀ fún díẹ̀ ní ìyípo 6,000, ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù.

Ẹ óò rí i nínú èyí pé agolo ìdí ọkọ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti pààrọ̀, ló jìnnà jù sí ibi tí agbára ti ń wá. Lórí ẹ́ńjìnì bí ti Kòrólà yìí, tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí agbára ẹṣin 130 lọ, yíyí agolo ìdí nìkan padà kò lè fi ohun tí ẹsẹ̀ lè mọ̀ kún un. Ìyàtọ̀ agbára ẹṣin méjì tàbí mẹ́ta kò tó èyí tí ooru ọ̀sán ń gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì kan náà. Etí ló ń tan ẹni tó ń wakọ̀ jẹ: ariwo ti pọ̀, nítorí náà ó dà bí ẹni pé eré ti pọ̀. Ọkọ̀ tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnì, nìkan ni mo lè yọ sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èéfín ló ń yí tọ́bò, bí ọ̀nà ìjáde rẹ̀ bá sì ṣe tú tó ni tọ́bò náà yóò ṣe yá tó, nítorí náà páìpù fífẹ̀ lẹ́yìn tọ́bò ń mú agbára gidi wá, pàápàá bí wọ́n bá tún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe láti bá a mu.

Kí ló wá dé tí ọkọ̀ tèmi fi fò nígbà tí wọ́n yọ kátálísì? Nítorí pé kátálísì náà ti dí ni. Kátálísì tó wà ní àlàáfíà kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ihò rẹ̀ pọ̀, àgọ́ rẹ̀ sì fẹ̀ ju páìpù tó wọ inú rẹ̀ lọ, ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì kéré jọjọ. Agbára tí mo rò pé mo jèrè jẹ́ agbára mi tó ti sọnù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, tí mo sì rí gbà padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ibí yìí ni àṣìṣe gbogbo ìlú ti bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ tó ti ṣàìsàn ni wọ́n ń fi wé ọkọ̀ tí wọ́n yọ kátálísì rẹ̀, kò sí ẹni tó fi èyí tí ara rẹ̀ dá wé e.

Kátálísì kì í sì dí lásán. Bí púlọ́ọ̀gì kan kò bá tan iná dáadáa, epo tí kò jó nínú sìlíńdà yóò lọ jó nínú kátálísì, yóò mú un gbóná kọjá ìwọ̀n, amọ̀ inú rẹ̀ yóò sì yọ́ bí àbẹ́là. Bí ẹ́ńjìnì bá ń jẹ ọ́ìlì, eérú ọ́ìlì yóò máa bo àwọn ihò náà mọ́lẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ti ọkọ̀ mi ni èkejì yìí. Mo ti ń fi bí ìdajì lítà ọ́ìlì kún un láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo sì ń sọ pé ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì tó gé kátálísì kò béèrè nípa ọ́ìlì, èmi náà kò sì sọ fún un.

Ìwádìí bóyá ọ̀nà èéfín dí kò gba wákàtí kan, kò sì nílò wẹ́dà. Ṣáájú kátálísì, sẹ́ńsọ̀ kan wà lára páìpù tó ń wo bí ọ́síjìn ṣe ṣẹ́ kù tó nínú èéfín. Wọn óò tú u, wọn óò sì fi géèjì tó ń wọn ipá sí ojú ihò rẹ̀. Òṣùwọ̀n pọ́n-ùn tí fọ́kánáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà náà ni a ó lò. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lójú kan, géèjì kò yẹ kó kọjá nǹkan bí pọ́n-ùn 1.5, bí a bá sì gbé e dé ìyípo 2,500, kò yẹ kó kọjá 3. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, nǹkan kan ń dí i. Ẹni tí kò ní géèjì yìí lè lo èyí tó ń wọn ìfàmu afẹ́fẹ́ lẹ́nu ẹ́ńjìnì: bí a bá di ẹ́ńjìnì mú ní 2,500, tí abẹ́rẹ́ géèjì náà sì ń rọra wálẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá ṣe ń kọjá, èéfín kò rí ọ̀nà jáde. Àmì tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ lè mọ̀ ni pé ọkọ̀ ń lọ dáadáa bí a bá rọra tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń tẹná tó ni yóò ṣe máa rẹ̀ tó. Bí a bá sì fi nǹkan gbá agolo rẹ̀ nígbà tó ti tutù, tó ń dún wàrà-wàrà bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, amọ̀ inú rẹ̀ ti fọ́.

Ó kù kí n sọ ìdí tí epo mi fi ń tètè tán. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà: èyí tó ṣáájú kátálísì ń sọ fún kọ̀ǹpútà iye epo tí yóò fi ránṣẹ́, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń ṣọ́ bóyá kátálísì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kátálísì kò sí mọ́, ohun tí sẹ́ńsọ̀ méjèèjì ń rí di ọ̀kan náà, kọ̀ǹpútà sì tan iná ẹ́ńjìnì. Bí wọ́n bá so ẹ̀rọ tó ń ka ìṣòro ọkọ̀ mọ́ ọn, `P0420` ni yóò hàn lójú rẹ̀. Iná yẹn fúnra rẹ̀ kì í jẹ epo. Ohun tó ń jẹ epo mi ni ojú ibi tí wẹ́dà jó, nítòsí sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́, tí kò dì dáadáa. Bí mo ṣe sọ tẹ́lẹ̀, èéfín ń jáde ní ìtú. Láàárín ìtú kan sí èkejì, ìfàmu díẹ̀ a máa wà nínú páìpù, ihò kékeré náà yóò sì fa afẹ́fẹ́ òde wọlé. Sẹ́ńsọ̀ á rí ọ́síjìn yẹn, á rò pé epo kò tó, kọ̀ǹpútà á sì máa da epo sí i láìnídìí. Àwọn kan ń ta ìtẹ̀ kékeré tí wọ́n ń fi gbé sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn kúrò lójú èéfín kí iná lè kú. Iná yóò kú lóòótọ́, ihò wẹ́dà yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ewu tó ju ti epo lọ tún wà nínú ihò bẹ́ẹ̀. Kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì, ọ̀kan lára àwọn afẹ́fẹ́ olóró tí kátálísì ń pa, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí páìpù bá ń jò lábẹ́ ibi tí a jókòó sí, tí ọkọ̀ dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú fèrèsé pípa, ó lè wọlé tọ̀ wá. Orí fífọ́ àti oorun ni ó kọ́kọ́ ń mú wá, ẹni tó sì ń sùn lọ kò ní mọ̀ pé òun ń sùn lọ síbi tí a kì í ti í jí.

Ní ti ariwo, ohun tó ń da ọ̀pọ̀ rú ni òṣùwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, nítorí pé kì í ka nǹkan bí a ṣe ń ka owó. Bí ariwo bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 pọ̀ sí i, agbára tó wà nínú ìró náà ti di ìlọ́po méjì. Bó bá fi 10 pọ̀ sí i, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá, etí wa a sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ó pọ̀ ní ìlọ́po méjì. Ariwo ọkọ̀ 80 àti 90 kò wá súnmọ́ ara wọn bí nọ́ńbà wọn ṣe jọ. Agolo ilé iṣẹ́ ń pa ariwo nípa fífi ògiri àti yàrá kéékèèké da ìgbì kan padà kó lè pàdé èkejì kí wọ́n sì pa ara wọn. Àwọn agolo tí a ń rà fún ohùn jẹ́ páìpù gbọọrọ tí wọ́n lu ní ihò, tí wọ́n fi òwú díńgí yí ká. Wọ́n tú, ṣùgbọ́n òwú náà ń jó tán díẹ̀díẹ̀, ariwo wọn sì ń pọ̀ lọ́dọọdún. Àwọn ọlọ́kadà tó ń yọ ìdènà inú sàlẹ́ńsà wọn kò tilẹ̀ fi òwú kankan sí i.

Òfin ń fi nọ́ńbà sọ ariwo, nọ́ńbà náà kò sì ní ìtumọ̀ àyàfi bí a bá mọ ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí. Ní Yúróòpù, wọ́n ń wọn ọkọ̀ tuntun nígbà tó bá ń sáré kọjá, ẹ̀rọ sì wà ní mítà 7.5 sí àárín ojú ọ̀nà rẹ̀. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 74 ni òpin fún ọkọ̀ ilé tẹ́lẹ̀, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2016 sì sọ ọ́ di 72 kó tó tún máa wálẹ̀ sí i. Ní Kalifóníà, òpin fún ọkọ̀ ilé jẹ́ 95. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò rò pé àwọn ará Kalifóníà fàyè gba ariwo gan-an. Ṣùgbọ́n ìdajì mítà péré sí ẹnu páìpù ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ sí níbẹ̀. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ariwo ń fi nǹkan bí 6 dínkù: láti ìdajì mítà sí ọ̀kan, sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, ìlọ́po lẹ́ẹ̀mẹ́rin nìyẹn, 24 ni yóò sì dínkù. Mọ́kànlélàádọ́rin ló kù. Bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ́ńjìnì nínú àyẹ̀wò méjèèjì kò rí bákan náà, nítorí náà a kò lè gbé wọn lé orí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó hàn pé 95 àti 72 kò jìnnà síra wọn bí wọ́n ṣe rí lójú. Ẹni tó bá fi fóònù wọn ariwo nínú ọgbà ilé rẹ̀, tó wá sọ pé òun kò tíì dé òpin, ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ fún wa pé ibo ló dúró sí.

Fún àwọn ará wa tó wà ní Bìrìtìkó, òfin ibẹ̀ kò tilẹ̀ dúró de nọ́ńbà. Ìlànà nípa bí a ṣe ń ṣe ọkọ̀ àti bí a ṣe ń lò ó, ti ọdún 1986, sọ pé sàlẹ́ńsà gbọ́dọ̀ wà, kó máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì yí i padà lọ́nà tí ariwo rẹ̀ yóò fi pọ̀ sí i ju bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe é. Ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi kátálísì sí láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọn kò bá rí i mọ́ lábẹ́ rẹ̀, kò ní yege nínú àyẹ̀wò ọdọọdún MOT. Ní Amẹ́ríkà, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ka yíyọ kátálísì sí ẹ̀ṣẹ̀, ì báà jẹ́ mẹkáníìkì ló yọ ọ́ tàbí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀; Kalifóníà sì tún béèrè pé kí ẹ̀yà ọkọ̀ tó bá kan ìmọ́tótó èéfín ní nọ́ńbà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kí wọ́n tó gbà á lójú pópó.

Ní Nàìjíríà, òfin wà ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo jáde ní ọdún 2009, èyí tó wà lórí èéfín ọkọ̀ bẹntiróòlù àti dísù jáde ní ọdún 2011, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ àyíká, ló sì ń rí sí ìmúṣẹ àwọn méjèèjì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó náà ní ẹ̀ṣẹ̀ èéfín àpọ̀jù nínú ìwé ìtanràn wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀, n kò tíì rí òṣìṣẹ́ kan tó gbé ẹ̀rọ sí ẹnu sàlẹ́ńsà mi. Ojú ni wọ́n fi ń wo èéfín, ojú kò sì lè rí èyí tí kátálísì ń pa.

Nígbà tí mo pinnu láti tún ọkọ̀ náà ṣe, mo tún ṣe àṣìṣe kan. Mo ra kátálísì tòkunbọ̀, wọ́n dè é pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, iná ẹ́ńjìnì kú, epo mi padà sí ọjọ́ márùn-ún, agbára ọkọ̀ kò sì dínkù ní ohun tí mo lè mọ̀. Kò pé ọdún kan, òkè Mọ́kọ́lá tún di òkè. Mẹkáníìkì mìíràn, ọ̀kan tó ń fi géèjì ṣiṣẹ́, wọn ọ̀nà èéfín: pọ́n-ùn 8 ní ìyípo 2,500. Kò mú wẹ́dà jáde. Ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì mélòó lẹ ń fi kún un?” A tú ẹ́ńjìnì náà, a pààrọ̀ àwọn rìǹgì písítìnì tó ti jẹ, kí a tó fi kátálísì mìíràn sí i. Géèjì wá wà ní ìsàlẹ̀ 1 nígbà tó dúró jẹ́ẹ́, 2 ní ìyípo 2,500, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní.

Ọjọ́ tí a ra èkejì yẹn ni mo béèrè ìdí tí kátálísì fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó tà á ní irin inú rẹ̀ ni: pilatínọ̀mù, paládíọ̀mù àti ródíọ̀mù, àti pé àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́mù ń wá èyí tó ti dí pàápàá, nítorí pé irin náà kò kúrò nínú rẹ̀. Mo wá rántí mẹkáníìkì àkọ́kọ́, tó kọ owó iṣẹ́ mi. N kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ibi tó gbé agolo tó gé sí.